Lẹ́tà Ọjọ́ Ìbí Tí Mo Bá Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ sí Bàbá Wa

Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú kọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí i ní ìsinmi àárín sáà, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nípa ọjà Oníṣà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lẹ́tà kan kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ni mo fẹ́ sọ.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Fẹ́gẹ̀, níbí ní Oníṣà. Ó ń rán agbádá fún àwọn Yorùbá àti àwọn Haúsá, ó sì ń rán aṣọ olórí kìnnìún fún àwọn Ígbò tó bá fẹ́ joyè tàbí ṣe ìyàwó. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ níbí débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é ní ọmọ Oníṣà.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí o bá gba ipò kìíní, á ní, “Ó dáa.” Tí o bá gba ipò ogún, á ní, “Ó dáa,” ṣùgbọ́n á wò ẹ́ pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ọ́. N kò rí i rí kó gbá ẹnikẹ́ni mọ́ra. Tí a bá ti lọ sílé ìwé tí a sì padà dé, ohun tó máa ń bi wá ni pé, “Ṣé ẹ ti jẹun?” Tí a bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Kì í ṣe ọjọ́ ìbí náà. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ló wà nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní akọ̀wé kóòtù ló bá òun mú ọjọ́ náà nígbà tí òun lọ búra fún ìwé ọjọ́ orí. Ohun tí àwọn òbí rẹ̀ rántí ni ọdún. Ó ní ọdún tí wọ́n parí afárá tó so Àsàbà mọ́ Oníṣà, ìyẹn 1965, ni wọ́n bí òun. Tí inú rẹ̀ bá dùn díẹ̀, á ní, “Èmi àti afárá yẹn, ẹgbẹ́ ni wá. Ogun fọ́ òun, wọ́n tún un ṣe.” Ìyẹn nìkan ni àwàdà tí mo mọ̀ mọ́ ọn.

Ọdún yìí ló pé ọgọ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, l’Ékòó. Kò tíì wálé láti ọdún mẹ́ta. Bàbá fẹ́ kó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tó jáde ìwé mẹ́wàá, ó ní rárá, ó lọ sí Pólì. Màámi ní Bàbá kò jà. Ó kàn ní, “Ó dáa.” Láti ìgbà náà, tí àwọn méjèèjì bá fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀, fóònù Màámi ni wọ́n máa ń gbà.

Ní èṣí, ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Bàbá fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa gan-an ni. Fóònù kékeré oníbọ́tìnì ni Bàbá ń lò. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo máa ń gba lẹ́tà 160 tó bá jẹ́ pé ABD lásán la fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ẹ, ọ, tàbí ṣ wa sínú rẹ̀, ẹyọ kan péré, àyè náà máa dínkù sí 70. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ tó ọ̀ọ́dúnrún lẹ́tà. Ó gé sí wẹ́wẹ́, fóònù Bàbá kò sì mọ àwọn àmì náà. Àpótí kékeré kékeré ló kún ojú rẹ̀, bí ilé tí wọ́n yọ fèrèsé rẹ̀.

Bàbá ní kí wọ́n wo fóònù náà, bóyá ó ti bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá yọ gbogbo àmì kúrò, ó tún un fi ránṣẹ́. Ó fẹ́ kọ “Mo dúpẹ́ fún ìyà tí ẹ jẹ fún mi.” Ṣùgbọ́n ohun tó dé ojú fóònù ni “Mo dupe fun iya ti e je fun mi.” Bàbá kà á sókè, ó kà á bí ojú rẹ̀ ṣe rí i: “Mo dúpẹ́ fún ìyá tí ẹ jẹ́ fún mi.” Ó gbé ojú sókè wo Màámi. Ó ní, “Ta ni ìyá rẹ̀?”

Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Màámi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rín. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pe Màámi lálẹ́ láti béèrè pé kí ni Bàbá wí, Màámi kò mọ ohun tó máa sọ. Ó ní, “Ó rí i.” Mo gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe dákẹ́ lórí fóònù. Ẹ̀rín yẹn kò dùn mọ́ mi mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo délé fún ìsinmi yìí, ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fún mi ní fóònù. Ó ní, “Àbúrò, ṣebí o wà nínú ẹgbẹ́ Yorùbá níléèwé. Wọ́n ti kọ́ yín ní lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, “Ó yá, mú bébà. Èmi á máa sọ, ìwọ máa kọ ọ́. Fi gbogbo àmì sí i. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìyà mi sí ìyá mọ́.”

Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá la máa lò. Alẹ́ méjì la lò.

Ohun tó kọ́kọ́ kà sí mi létí, láti orí fóònù rẹ̀ ló ti wò ó. “Ẹ kú ọjọ́ ìbí, bàbá tó dára jù lọ láyé, akọni mi, ìràwọ̀ mi.” Màámi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?” A ní Bàbá ni. Ó ní, “Tí ẹ bá fi èyí ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń ta taya lójúde yìí, kò ní bá a mu bí?” Òótọ́ ni. Ó lè bá bàbá ẹnikẹ́ni mu. A fagi lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ní òun fẹ́ fi oríkì Bàbá bẹ̀rẹ̀, oríkì àbísọ rẹ̀ tí ìyá Bàbá máa ń pè é. Màámi tún fò sókè. Ó ní, “Ìwọ lo bí i ni? Àgbà ló ń fi ìyẹn ké ọmọdé.” Mo rántí pé olùkọ́ wa ti sọ ọ́ ní kíláàsì: oríkì orílẹ̀, ọmọ lè fi ki bàbá rẹ̀, nítorí ti gbogbo ìdílé ni, ṣùgbọ́n oríkì àbísọ, ẹni tó ju èèyàn lọ ló ń fi í pe èèyàn. A fagi lé ìyẹn náà. “Bàbá mi” la fi rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀rọ̀ tó le jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ ọ́ pé, “Mo nífẹ̀ẹ́ yín.” Mo kọ ọ́. Mo kà á padà fún un. Àwa méjèèjì dákẹ́. Kò burú, àwọn èèyàn ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ń wo Bàbá lọ́kàn mi, tó di ìwé mú, tó dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ńṣe ni á máa wá ibi tó máa gbé ojú sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Bí mo bá sọ ọ́ fún un, á dà bíi pé mo ń retí kóun náà sọ ọ́ fún mi. Kò lè sọ ọ́. Mo wá fi gbèsè lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.”

Ó wá rò pé òun á sọ ohun kan tí Bàbá ṣe fún òun. Èyí tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ti ẹ̀rọ ìránṣọ kejì. Èmi kò mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tí Bàbá fẹ́ kó jókòó tì, òun ni Bàbá tà láti san owó ìwé rẹ̀ ní Pólì. Bàbá kò sọ fún un. Ó ní òun gbé e lọ fún àtúnṣe. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Màámi tó sọ òótọ́ fún un.

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, “Má kọ ìyẹn. Ó fi pamọ́ ni. Tó o bá tú u síta, á mọ̀ pé èmi ni mo sọ, á sì mọ̀ pé o ti rí òun níbi tí òun kò fẹ́ kí o rí òun. Wá èyí tó ṣe ní ojú rẹ.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a jẹ́ kí òun sùn lé e lórí.

Lóru yẹn ni mo rántí ìtàn kan tí olùkọ́ wa sọ fún wa nínú ẹgbẹ́ yìí. Gbogbo wa la mọ̀ pé Àjàyí Crowther wá sí Oníṣà ní 1857, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ míṣọ́ọ̀nù níbí. Òṣoogùn, tí kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn tiwa, ni wọ́n ti mú un lẹ́rú ní 1821, nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé àwọn di ara wọn mú, àwọn ń wo ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, omijé sì ń dà lójú ìyá òun. Èèyàn tó gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè mìíràn, tó ń wàásù, kò rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ. Nígbà tí olùkọ́ sọ ìtàn náà, mo rò pé ó yẹ kó ti sọ nǹkan. Lóru yẹn, mo rò pé bóyá ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ ti pọ̀ ju ẹnu lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro “Ó dáa” bàbá mi.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi pè. Ó ní òun ti rí i. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ láìdúró, èmi ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Ohun tí mo kọ nìyí, ó sì gbà kí n tẹ̀ ẹ́ síbí, bí mo bá ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò:

Àpápá,
Èkó.
1 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọgọ́ta ọdún, sà. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà.

Mo ń rántí ṣòkòtò tí ẹ rán fún mi nígbà tí mo wọ kíláàsì kìíní ní girama. Ínǹṣì mẹ́ta lẹ ṣẹ́ sínú ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, lóru, tí ẹ bá ti parí iṣẹ́ oníṣẹ́, ẹ ó fi réésà tú òwú rẹ̀, ẹ ó já ínǹṣì kan sílẹ̀, ẹ ó tún un rán, ẹ ó sì lọ̀ ọ́. Ìlà funfun kan máa ń kù sí ibi tí ẹ ti tú u. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Onílà. Lọ́jọ́ kan mo fìbínú sọ fún yín pé n kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ kò bá mi wí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé ẹ ti rán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ìlà náà yípo, ó sì dà bí ẹ̀ṣọ́. N kò dúpẹ́ nígbà náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra ṣòkòtò kan l’Ékòó níbí. Mo yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà wò, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹni tó rán an kò rò ó pé èèyàn ń dàgbà.

Mo dúpẹ́, Bàbá. Ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n, ojú yín kò ní ṣú mọ́ ihò abẹ́rẹ́. Ẹ ó pẹ́, ẹ ó jẹun ọmọ. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti fèsì.

Èmi ni ọmọ yín.

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé àdírẹ́sì ta ni kí n kọ sókè, nítorí Fẹ́gẹ̀ ni èmi tí mò ń kọ ọ́ wà. Ó ní tirẹ̀ ni, nítorí òun ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo mọ̀ pé n kò kọ “ọ̀wọ́n” mọ́ “Bàbá mi” bí ẹ ṣe kọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Màámi fẹ́ kí n ka lẹ́tà náà sókè lọ́jọ́ náà, nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù bá wá jẹ ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ máa wo ojú Bàbá nígbà tó bá ń kà á. Fún un, kó o kúrò níbẹ̀.”

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Láàárọ̀ Sátidé, kí ọjà tó dé, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ọjọ́ ìbí, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fún yín.” Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba ìwé náà. Mo jáde. Ẹ má bínú, n kò lọ jìnnà. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo ń retí ìró ẹ̀rọ. Bàbá mi kì í dá ẹ̀rọ dúró láàárọ̀, ó ní àsìkò tí iná ọba kò tíì lọ nìyẹn. Ó pẹ́ kí ẹ̀rọ náà tó dún.

Kò sọ nǹkan kan fún mi. Àwọn èèyàn wá, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n kí i, ó ní ó dáa. Mo rò pé ti èṣí ló tún ṣẹlẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi pè.

Lálẹ́, bí mo ṣe ń kó àwo, Bàbá pè mí. Ó ti gbé ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí kalẹ̀, ó ṣí ojú ewé tuntun. Kò wò mí. Ó ní, “Mélòó ni ìbàdí ẹ̀gbọ́n rẹ báyìí?”

Mo ní n kò mọ̀, sà.

Ó ní, “Pè é, kó wọ̀n ọ́n. Kó wọn gígùn ẹsẹ̀ náà. Kó má fi rópù wọ̀n ọ́n o, kó lo tépù.”

Mo pè é. Ẹ̀gbọ́n mi sáré yá tépù lọ́dọ̀ ará ilé rẹ̀. Ìbàdí jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, gígùn jẹ́ méjìlélógójì. Mo ń ké e, Bàbá ń kọ ọ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó na ọwọ́ sí mi. N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń béèrè. Fóònù ni. Ó gbé e sétí, ó ní, “Ṣé o ti jẹun?”

N kò gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fèsì. Mo gbé àwo lọ.

Mo padà síléèwé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Màámi wá lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, ó ní Bàbá ti rán ṣòkòtò náà, ó sì ti fi í sínú bọ́ọ̀sì Èkó ní Ọ́pà Ìwẹ́kà. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó bá a mu rẹ́gí. Ó ní òun yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà wò. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, kò ní ga mọ́. Ínǹṣì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

Ó ní òun ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì.